Ọjọ́ Méje, Àlọ́ Méje: Bí A Ṣe Ṣètò Ọ̀rọ̀ Adìrẹ fún Ọ̀sẹ̀ Kan Lórí WhatsApp

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ̀yin aláró, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù bá àwọn òbí yín wá oníbàárà, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe lè ṣètò ọ̀rọ̀ ọlọ́jọ́ méje lórí ẹ̀rọ ayélujára, tí kókó kan ṣoṣo yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò máa jọra lójoojúmọ́, síbẹ̀ tí ohun tí a ń bá ènìyàn sọ lónìí kò ní jẹ́ ohun tí a sọ lánàá. N kò ní sọ ọ́ káàkiri. Ètò kan péré ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ lójú yín, èyí tí èmi àti obìnrin aládìrẹ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, jọ ṣe lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀. Mo yan èyí nítorí pé a ṣe àṣìṣe kan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní gan-an, àṣìṣe ọ̀hún sì ni mo ti rí ohun tí mo wá sọ lónìí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bi obìnrin yìí léèrè pé kí ni kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní, "Adìrẹ ni." Mo sọ fún un pé adìrẹ kì í ṣe kókó, ọjà ni. Bí ènìyàn bá sọ pé adìrẹ lòun fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí fún ọjọ́ méje, kò sí ohun tí kò lè kó sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá gba gbogbo nǹkan mọ́ra kì í di ẹnikẹ́ni mú dé ọjọ́ kejì. Kókó gbọ́dọ̀ jẹ́ gbólóhùn kan tí ènìyàn lè gbé lọ sílé, tó sì lè fi lé ọ̀rọ̀ mìíràn jáde. A jókòó, a bi ara wa pé kí ni àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń béèrè jù lọ kí wọ́n tó yọ owó. Ìdáhùn rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Ó ní ìbéèrè tí òun ń gbọ́ láràárọ̀ ni pé, "Ṣé adìrẹ gidi ni, àbí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀?" Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà adìrẹ sí lára ti kún ọjà, owó rẹ̀ kò tó ti ọwọ́, ojú lásán sì lè má tètè mọ ìyàtọ̀. Nítorí náà a kọ kókó wa báyìí: "Kí o tó san owó adìrẹ: ohun tí ojú rẹ àti ọwọ́ rẹ lè sọ fún ọ."

Ẹ wo bí gbólóhùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sọ pé kí ẹ wá ra ọjà mi. Ó mú ènìyàn dúró síwájú ìsọ̀, pẹ̀lú owó lọ́wọ́, níbi tí iyèméjì ti ń bá a jà. Ó sì ń bá wa yan ọ̀rọ̀. A gé bébà pélébé pélébé, a kọ gbogbo ohun tí a lè sọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó tó mẹ́rìndínlógún. A wá ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń bi í léèrè pé, ṣé èyí yóò ran ẹni tó dúró síwájú ìsọ̀ lọ́wọ́? Ọ̀kan nínú èyí tí a yọ dùn mí títí di òní. Ìtàn aṣọ Olóba ni, èyí tí àwọn aládìrẹ fi ṣe ìrántí ọdún 25 tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò lórí oyè ní 1935. Ìtàn náà dára, àwòrán rẹ̀ sì fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè wa. A fi bébà rẹ̀ sínú àpò mìíràn de ọ̀sẹ̀ mìíràn. Bí ẹ bá ń ṣètò ọ̀sẹ̀ yín tí ẹ kò rí ohun kan tó dùn yín láti yọ, ó ṣeé ṣe kí kókó yín ṣì fẹ̀ jù.

Ó wá kan ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ohun tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí nígbà tó bá ń fi àtàǹpàkò ti sítátọ́ọ̀sì kan sẹ́yìn láti wo òmíràn. Ìpè ni mo máa ń pè é, nítorí pé ó ń retí kí ẹnìkan jẹ́ ẹ. Kò pọn dandan kí á wá ìpè lọ sí ọ̀nà jíjìn, àwa Yorùbá ti ní ọ̀kan tí ọmọdé àti àgbà mọ̀. Bí ènìyàn bá ní "Àlọ́ o!", kí ẹni tó gbọ́ tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì ni ẹnu rẹ̀ ti dáhùn pé "Ààlọ̀!" Àlọ́ àpamọ̀ máa ń sọ ìrísí nǹkan, yóò sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ẹ rántí èyí tí wọ́n máa ń pa fún wa ní kékeré: "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn ni. Nǹkan tí à ń rí lójoojúmọ́ nílé ìdáná ni, ṣùgbọ́n àlọ́ náà jẹ́ kí á tún un wò bí ẹni tí kò rí i rí. Iṣẹ́ yìí gan-an ni a fẹ́ kí ìpè wa ṣe fún aṣọ: kí ó mú kí ẹni tó ti ń ró adìrẹ láti ọjọ́ pípẹ́ tún gbé e sójú wò.

Nítorí náà a pinnu pé láràárọ̀, ní aago méje, ohun àkọ́kọ́ tí yóò jáde ni àwòrán kan tí a súnmọ́ aṣọ gan-an láti yà, débi pé òwú rẹ̀ hàn, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì ju ìlà mẹ́ta lọ. Ìlà kìn-ín-ní ni "Àlọ́ o!", ìlà kejì ni àlọ́ náà, ìlà kẹta ni "Ọjọ́ kìn-ín-ní nínú méje", tàbí ọjọ́ yòówù tó bá jẹ́. Àwọ̀ kan náà, irú lẹ́tà kan náà, ibi kan náà lórí àwòrán. Ohun tó bá yẹ kó yí padà nìkan ló ń yí padà, ìyẹn aṣọ àti àlọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi ìdáhùn pamọ́ di ọjọ́ kejì, kí àwọn ènìyàn lè padà wá. A rò ó, a sì jù ú nù. Sítátọ́ọ̀sì kì í ju wákàtí 24 lọ tó fi ń parẹ́. Ẹni tí kò bá ráyè lọ́jọ́ Ajé tó wá wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yóò bá ìdáhùn tí kò mọ ìbéèrè rẹ̀, ẹni tó sì rí ìbéèrè lọ́jọ́ Ajé lè má padà wá mọ́. Àwa máa ń gbé àlọ́ síta láàárọ̀, a ó gbé ìdáhùn síta ní aago méje alẹ́ ọjọ́ kan náà, a ó sì tún kọ àlọ́ náà sókè ìdáhùn, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé má baà ṣìnà. Ohun tó ń so ọjọ́ kan mọ́ èkejì kì í ṣe ìdáhùn tí a fi pamọ́. Ìrísí tí ènìyàn ti mọ̀ ni, pẹ̀lú ìdánilójú pé bí òun bá padà wá lọ́la, òun yóò bá àlọ́ mìíràn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àwọn ọjọ́ náà fún yín, kí n sì dúró díẹ̀ síbi tó yẹ.

Àlọ́ ọjọ́ Ajé ni: "Ó lójú, kò ní ìpàkọ́. Kí ló jẹ́ o?" Ìdáhùn rẹ̀ ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà sí lójú kan, nítorí pé bí ẹ bá yí púpọ̀ nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá, ọnà ara rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Àlọ́ náà dára, àwòrán náà dára. Ṣùgbọ́n nínú ìdáhùn alẹ́, a kọ gbólóhùn kan tí kò yẹ kí á kọ. A ní, "Adìrẹ gidi máa ń rí bákan náà níwájú àti lẹ́yìn." Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ìyá àgbàlagbà kan, tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá obìnrin yìí tipẹ́, fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Ìyá náà kò bínú. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹlẹ́kọ kì í ṣe adìrẹ ni?"

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Adìrẹ kì í ṣe oríṣi kan. Nínú adìrẹ oníko, ìko ni wọ́n fi ń di aṣọ ní kókó kókó, aró kì í sì í wọ ibi tí wọ́n bá dì, níwájú àti lẹ́yìn. Irú èyí máa ń rí bákan náà ní ojú méjèèjì. Èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ tẹ ọnà sí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àbẹ́là gbígbóná máa ń mu wọ inú òwú dé òdì kejì. Ṣùgbọ́n nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún ro ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kùn, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kùn ún sí. Tí wọ́n bá wá rì í bọ aró, aró á gba ẹ̀yìn wọlé. Nítorí náà ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ máa ń dúdú ju iwájú rẹ̀ lọ, ọnà rẹ̀ kì í sì í hàn kedere níbẹ̀. Ẹni tó bá fi òfin wa ti alẹ́ ọjọ́ Ajé lọ sọ́jà yóò ka ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ọwọ́ kùn láti àárọ̀ di alẹ́ sí ayédèrú. Inú mi bàjẹ́ gidigidi sí i, nítorí pé ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni a fẹ́ ṣì lọ́nà.

Mo ti ronú sí ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ìpè wa ló fà á. Àlọ́ máa ń fẹ́ ìdáhùn kan ṣoṣo, kúkúrú, tó dún gooro, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kì í sábà ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Nígbà tí ènìyàn bá ti yan ìpè kan fún ọjọ́ méje, ìpè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í darí ohun tó ń sọ. Yóò máa gé eteetí òtítọ́ kúrò kí ó lè bá a mu. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi òfin kan kún gbogbo ètò tí mo bá bá ènìyàn ṣe. Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àmọ́ bí ó bá jẹ́...". Gbólóhùn náà ló ń sọ ibi tí ìdáhùn kò dé. Bí ẹni tó ń kọ ọ́ kò bá mọ ohun tí yóò fi parí rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé kò tíì mọ orí-ọ̀rọ̀ náà tó láti gbé e síta. Kí ó lọ bi aláró.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a kò fi àṣìṣe náà pamọ́. Kí àlọ́ tó jáde, obìnrin náà fi àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ kan hàn, ó sì sọ pé ìyá kan ti tún ọ̀rọ̀ òun ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá pa àlọ́ ọjọ́ kejì: "Igba ọmọ, ojú kan náà, bí èkíní bá fi egbò sí gìgísẹ̀, gbogbo wọn ló fi egbò sí gìgísẹ̀. Ta ló bí wọn?" Ẹ̀rọ ni. Bí ọnà kan lára aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ bá ní àlébù, àlébù kan náà á tún yọjú níbi tí ọnà náà bá ti tún bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n ẹ ó rí i pé àárín wọn dọ́gba. Kódà àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí aró máa ń fi sílẹ̀ níbi tí àbẹ́là bá ti là, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ìlà kan náà ni yóò máa tún ṣe. Ọwọ́ kì í la àbẹ́là lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà kan náà. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé fóòmù tí wọ́n gé ní ọnà ni wọ́n ń tì bọ àbẹ́là tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ, ọnà náà yóò jọra láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ ló ṣe é. Etí ọnà ni kí ẹ wò, nítorí pé ibì kan á nípọn, ibòmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú. Lọ́jọ́ yìí àwòrán méjì ni a gbé síta, a sì ní kí àwọn ènìyàn wá ibi tí ìlà ti tún ara rẹ̀ ṣe. Ojú wọn la fún níṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, a kàn sọ fún wọn ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí nìyí o. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé kí orí-ọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra, wọ́n máa ń rò pé kí ohun tí a dárúkọ yàtọ̀ nìkan ti tó. Kò tó. Bí ọjọ́ méjèèje bá jẹ́ "ẹ wo èyí, gidi ni; ẹ wo tọ̀hún, ayédèrú ni", ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ sọ lẹ́ẹ̀méje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ méje ni ẹ fi hàn. Ohun tó yẹ kó yí padà ni iṣẹ́ tí ẹ ń fún ẹni tó ń wò ṣe. Lọ́jọ́ kan yóò gbọ́ àlàyé, lọ́jọ́ kejì yóò wá nǹkan fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ kẹta yóò kàn wòran, lọ́jọ́ kẹrin yóò gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, lọ́jọ́ karùn-ún yóò ṣírò, lọ́jọ́ kẹfà yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nílé, lọ́jọ́ keje òun ni yóò wá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ tó mú orí-ọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ yín kò ní rọ lágbedeméjì.

Ọjọ́ Rú ni ọjọ́ ìwòran. Àlọ́ rẹ̀ ni: "Ó wọ odò ní funfun, ó jáde láwọ̀ ewé, kó tó délé ó ti di aró. Kí ló jẹ́ o?" Ẹ̀yin aláró ti mọ̀ ọ́n. Nínú ìkòkò èlú, níbi tí ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n mọ ní ṣùṣù, tí wọ́n sì sá ti rẹ nínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, aró kì í tíì dúdú. Aṣọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ máa ń ní àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni, láti etí aṣọ wá sí àárín, bí ìgbà tí òjìji bá ń ṣú bo àgbàlá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rì í, tí wọ́n ń nà án síta, tí wọ́n tún ń rì í, títí tí yóò fi dúdú dé bí wọ́n ṣe fẹ́. Fọ́nrán ni a ya fún ọjọ́ yìí, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. A gbé fóònù lé orí àpótí kan, a kò gbé e kúrò níbẹ̀ rárá, nítorí pé bí ẹ bá ń gbé e kiri, ẹni tó ń wò kò ní mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ló yí padà àbí aṣọ. Lẹ́yìn náà ni a mú ìgbà tí aṣọ jáde, ìgbà tó dé ìdajì, àti ìgbà tó dúdú tán, a so wọ́n pọ̀. Gbólóhùn "Àmọ́ bí ó bá jẹ́" tọjọ́ náà ni pé aró tí wọ́n fi kọ́sítíìkì sódà pò náà lè ṣe irú ìyípadà yìí, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ewé èlú ni. Ìyípadà náà jẹ́rìí pé ọwọ́ ló ṣe é, kò jẹ́rìí sí irú aró tó lò.

Fún Ọjọ́bọ̀, a gbé ohùn ẹlòmíràn wọlé. "Òpó gbọ̀ngán ńlá kan wà lórí òkè, àwọn obìnrin ń fi í ró ìró. Kí ló jẹ́ o?" Ọnà Ìbàdàndùn ni, èyí tí wọ́n máa ń ya àwọn òpó gbọ̀ngán Màpó sí lára, pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Ní 1929 ni wọ́n ṣí Màpó, nítorí náà bí ẹnìkan bá ní aṣọ Ìbàdàndùn òun ti wà tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ẹ má tètè gbà á gbọ́. Ìyá obìnrin yìí ló sọ̀rọ̀. Ó gbé aṣọ náà lé ẹsẹ̀, ó ń fi ìka tọ òpó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ọnà inú àpótí kọ̀ọ̀kan. A kò gé ibi tó ti dúró tó ń ronú orúkọ ọ̀kan kúrò. Ohun tí oníbàárà lè mú lọ sọ́jà nínú rẹ̀ ni pé kí ó bi ẹni tó ń tà léèrè orúkọ ọnà ara aṣọ. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà kò mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ alágbàtà tí kò bá aláró jókòó rí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìṣirò ni. "Ọwọ́ púpọ̀ ló gbà á, ẹnìkan ló ń bá oníbàárà dúnàá dúrà lé e lórí." Iye iṣẹ́ ni ìdáhùn. A kò kọ iye owó síbẹ̀, nítorí pé iye owó aṣọ funfun àti ti aró kì í dúró sójú kan. A to iṣẹ́ náà ní ìtòtẹ̀lé: aṣọ funfun, kíkùn ẹ̀kọ, sísá a kó gbẹ, rírì í bọ aró lẹ́ẹ̀mélòó kan, híhọ ẹ̀kọ kúrò, fífọ̀ ọ́, lílù ú kó dán. A kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ṣe fi aago wọ̀n ọ́n lórí aṣọ kan ṣoṣo. Mo gbà pé ọjọ́ tí kò lágbára jù nínú méjèèje nìyí. Àlọ́ rẹ̀ wúwo, ó jọ òwe ju àlọ́ lọ, àwọn ènìyàn kò sì rí nǹkan kan fojú inú wò. Àlọ́ tó bá gbé èrò kalẹ̀ láìgbé ìrísí kalẹ̀ kò lè fa ojú mọ́ra. Bí mo bá tún un ṣe, ọwọ́ aláró tí aró ti kùn dé ìgbọ̀nwọ́ ni n óò fi pa àlọ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń fọṣọ láàárọ̀, ìdí tí a fi fi aṣọ fífọ̀ síbẹ̀ nìyẹn. "Ó ń sunkún aró lọ́jọ́ ìwẹ̀ àkọ́kọ́, ara rẹ̀ sì le koko." Adìrẹ tuntun lè tú aró sínú omi, ó lè ya ọwọ́, kò sì tíì túmọ̀ sí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, pẹ̀lú omi tútù, kí ẹ sá a síbi tí òòrùn kò ti pa á. A ní kí wọ́n fi aṣọ ìnujú funfun tó rin díẹ̀ nu ara adìrẹ wọn, kí wọ́n sì wo ohun tó bá a jáde. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìfọ̀ bíi mélòó kan omi rẹ̀ kò tíì mọ́, ẹni tó rì í kò ṣàn án dáadáa, ẹ lè gbé e padà lọ bá a.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìmúrasílẹ̀. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, a ti ní ọjọ́ márùn-ún nínú méje lọ́wọ́, a ti ya wọ́n tán, a ti kọ wọ́n tán. Fọ́nrán ọjọ́ Rú ni a kọ́kọ́ parí nínú iṣẹ́ wa, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nítorí pé ìkòkò aró kì í dúró de ẹnikẹ́ni, òjò sì lè má jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan tó gbára lé ojú ọ̀run tàbí lé ẹlòmíràn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ parí. A tún ní orí-ọ̀rọ̀ kan nípamọ́, tó lè rọ́pò ọjọ́ yòówù tó bá kùnà. Ṣáájú gbogbo èyí, obìnrin náà ti ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n fi nọ́ńbà òun pamọ́ sínú fóònù wọn, nítorí pé bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, sítátọ́ọ̀sì náà kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Mo ti rí ẹni tó ṣe ètò tó dára tán, tó sì rò pé ọ̀rọ̀ òun ni kò dùn, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ ni wọn kò ní.

Láti mọ bí ó ṣe ń lọ, ẹ má ṣe ka iye ojú nìkan. WhatsApp máa ń fi orúkọ àwọn tó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ fi iye tó wo àlọ́ wé iye tó wo ìdáhùn lọ́jọ́ kan náà. Ká ní 180 ló wo àlọ́, tí 150 wo ìdáhùn, ìpè yín ń ṣiṣẹ́. Bí 180 bá wo àlọ́ tí 60 wo ìdáhùn, àlọ́ náà ti le jù, tàbí ó ti rọrùn débi pé wọn kò nílò ìdáhùn. Ẹ ó mọ èwo nínú méjèèjì bí ẹ bá wo bóyá àwọn ènìyàn fi ìdáhùn ránṣẹ́ láàárọ̀. Bí àlọ́ bá dá wọn dúró ṣùgbọ́n tí iye náà ń dínkù láti ọjọ́ dé ọjọ́, ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ ń fún wọn ṣe, bóyá ọjọ́ méjì ti jọra. Iye náà kì í pé tán o, nítorí pé ẹni tó bá ti pa àmì tó ń fi hàn pé ènìyàn ti ka ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp rẹ̀ kò ní hàn nínú àwọn tó wò ó, bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì pa á, ẹ kò ní rí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tí a fi sílẹ̀ láìparí. Obìnrin náà kọ "Àlọ́ o!" bó ṣe máa ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi àyè tó kù sílẹ̀ lófìfo, ó ní, "Lónìí, ẹ̀yin ni ẹ óò pa á fún mi. Ẹ ya adìrẹ inú àpótí yín, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ sọ ohun tí ẹ rí." Ìdáhùn wọn ni yóò di orí-ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, nítorí náà a kò lè ya á sílẹ̀. Àwòrán ń wọlé láti ọ̀sán. Àwọn kan fi aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì ti fi ìka tọ́ka síbi tí àlébù náà ti tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá tó tún ọ̀rọ̀ wa ṣe lọ́jọ́ Ajé fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹlẹ́kọ ni, ó ti gbó, àwọ̀ rẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dúdú ju iwájú lọ. Obìnrin náà gbé àwòrán méjèèjì síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì kọ àlọ́ ìyá náà sí i láìfi ohunkóhun kún un: "Ẹ̀yìn mi ló dúdú, iwájú mi ló lọ́nà, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ mí, ẹ yí mi padà."